Bilikis Dá Suwíìtì Padà

Òdo ni wọ́n fún Shakirah nínú ìbéèrè kẹsàn-án ìdánwò ìṣirò. Òdo yẹn ló jẹ́ kí ó gba mọ́kàndínlógójì nínú ọgọ́ta, bẹ́ẹ̀ ogójì ni wọ́n ń béèrè. Ẹni tí kò bá gba ogójì kò ní bá àwọn yòókù lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gírámà ní Mọ́ńdè. Yóò dúró di ọdún tó ń bọ̀.

Ashton ni ilé ẹ̀kọ́ tirẹ̀ wà. Ìyá rẹ̀ ti ra báàgì tuntun fún un, ó sì ti ròyìn fún gbogbo àwọn obìnrin mọ́sálásí wọn ní àdúgbò Moss Side, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, pé ọmọ òun ń lọ sí sukúù ní Mọ́ńdè.

Olúbáyọ̀, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní kíláàsì, jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń jẹ kírísípì. Ó na ọ̀rá rẹ̀ sí i.

"Wá jẹun."

"Olúbáyọ̀, mo ń gbààwẹ̀."

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n mi ò lè máa dá jẹ ẹ́ lójú rẹ kí n má fi lọ̀ ọ́."

Shakirah jókòó tì í. "Èló lo gbà nínú ìkẹsàn-án?"

"Mẹ́ta. Gbogbo ẹ̀."

"Mú ìwé rẹ wá."

Wọ́n tẹ́ ìwé méjèèjì sórí itan wọn. Ìbéèrè náà kò gùn. Suwíìtì mẹ́jọ wà nínú àpò kan, mẹ́ta pupa, márùn-ún jẹ́ àwọ̀ ewé. Ní agogo méjìlá ọ̀sán, Bilikis mú ọ̀kan láìwò, ó jẹ ẹ́. Ó mú òmíràn láìwò, ó jẹ ẹ́. Báwo ló ṣe ṣeé ṣe tó pé pupa ni méjèèjì?

Shakirah ti kọ 3/8, ó fi 3/8 sọ ọ́ di púpọ̀, ó rí 9/64.

"Mẹ́jọ ṣì ni tìrẹ nígbà kejì," Olúbáyọ̀ sọ. "Àwọn suwíìtì náà kì í dín kù ni?"

"Ó dá a padà."

"Ta ni?"

"Bilikis. Ó mú un, ó rántí pé òun ń gbààwẹ̀, ó dá a padà sínú àpò."

"Wọ́n kọ ọ́ síbí pé ó jẹ ẹ́."

Shakirah tẹjú mọ́ ìbéèrè náà. "Mi ò rí 'jẹ ẹ́'. Mo rí Bilikis, mo rí agogo méjìlá, ojú mi sì fò kọjá. Ta ló ń jẹ suwíìtì ní ọ̀sán gangan nínú Ramadan?"

"Wọn ò dárúkọ Ramadan kankan, alfa."

Shakirah fi ìka sí àwòrán igi tí Olúbáyọ̀ yà láti fi ṣe ìṣirò náà, níbi tí ẹ̀ka kejì ti bẹ̀rẹ̀. "Kí lo kọ síbí?"

"Àbúrò."

"Àbúrò ta ni?"

"Àbúrò Bilikis. Ó jẹ àkọ́kọ́, ó fún àbúrò rẹ̀ ní ìkejì."

"Níbo ni àbúrò wà nínú ìbéèrè yìí?"

Olúbáyọ̀ kà á, ó tún un kà. Ó gbé kírísípì sílẹ̀. "Mo rò pé ó wà níbẹ̀. Nílé wa, ta ló tó bẹ́ẹ̀ láti jẹ méjì tẹ̀lé ara wọn?"

Iṣẹ́ rẹ̀ dára ju orí rẹ̀ lọ: 3/8, lẹ́yìn náà 2/7, ó sọ wọ́n di púpọ̀, ó rí 6/56, ó dín in kù sí 3/28. Wọ́n fi bírò pupa yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì fún un ní mẹ́ta.

"Odindi ọmọ lo mú wọnú ìbéèrè," Shakirah sọ, "o gba mẹ́ta. Suwíìtì kan péré ni èmi dá padà, mo gba òdo. Dìde."

"Níbo là ń lọ?"

"Ọ̀dọ̀ Juliana. Gbé ìwé rẹ dání. Mi ò fẹ́ kí wọ́n yọ máàkì rẹ, mo kàn fẹ́ mọ òfin tí wọ́n fi ń ṣe é."

Juliana, olùkọ́ wọn, òyìnbó ará Eccles ni, kì í pariwo. Ó wo ìwé méjèèjì. Ó béèrè ẹni tí àbúrò jẹ́, wọ́n sì ṣàlàyé fún un. Ó ní àbúrò kò ba nǹkan kan jẹ́, torí tí suwíìtì bá ti kúrò nínú àpò, ẹnu yòówù kó wọ̀, méje ló kù. Máàkì kan wà fún 2/7, ọ̀kan wà fún ìsọdipúpọ̀, ọ̀kan wà fún ìdáhùn. Kò sí máàkì fún ohun tó wà lọ́kàn.

"Tèmi ńkọ́?"

Juliana ní ẹni tó dá suwíìtì padà ti sọ ìbéèrè náà di èyí tó rọrùn jù, kò sì lè gba gbogbo máàkì.

"Mi ò béèrè gbogbo ẹ̀. Ẹni tó dá a padà, tí kò sì ṣe àṣìṣe kankan lẹ́yìn náà, ṣé òun àti ẹni tí kò kọ nǹkan kan dọ́gba?"

Juliana ṣí ìlànà máàkì sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó wá a dé ìsàlẹ̀. Àlàyé kékeré kan wà níbẹ̀: ẹni tó ṣe é bíi pé wọ́n dá suwíìtì padà, tó sì rí 9/64, ẹ fún un ní ọ̀kan. Ojú tì í díẹ̀. Ó fa ìlà gba orí òdo yẹn, ó kọ ọ̀kan, ó sì kọ ogójì sókè ìwé.

"Ẹ má bínú, Shakirah," ó sọ. "Ó di Mọ́ńdè nìyẹn."

Ní Mọ́ńdè, Shakirah dúró níwájú kíláàsì kan ní Ashton, ó ní òun ni olùkọ́ ìṣirò tuntun tí wọ́n rán wá kọ́ṣẹ́ olùkọ́ lọ́dọ̀ wọn, ó sì pinnu pé ohun àkọ́kọ́ tí òun máa kọ́ àwọn ọmọ náà ni bí ènìyàn ṣe ń ka ìbéèrè.