Ọjọ́ Tí Bọ́látitó Mọ Alágbàká Tán

Àìsàn kan ló ń ṣe Bọ́látitó, kò sì sí ilé ìwòsàn tó ní oògùn rẹ̀: ẹnu rẹ̀ ò lè sọ pé "mi ò mọ̀." Bí o bá bi í ní ohun tí kò gbọ́ rí láyé, á mi orí, á ní òun ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Ọmọ Oǹdó ni, ó ń kọ́ iṣẹ́ ilẹ̀ wíwọ̀n ní yunifásítì kan ní Àkúrẹ́. Nígbà tó tó àkókò kí wọ́n lọ fi oṣù mẹ́fà kọ́ṣẹ́ níta, èyí tí wọ́n ń pè ní IT, ó rí àyè ní ẹ̀ka awọnlẹ̀ ní sẹkitéríàtì ìjọba ní Alágbàká, ní Àkúrẹ́ kan náà. Wọ́n kìlọ̀ fún un pé bí kò bá fara hàn lọ́jọ́ Ajé, ẹlòmíì ló máa gba àyè náà. Màmá rẹ̀ kò tilẹ̀ dúró de ọjọ́ Ajé kó tó sọ fún gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì pé ọmọ òun ń lọ bá ìjọba wọn ilẹ̀.

Ọjọ́ Ajé pé, Bọ́látitó de táì, ó dé Alágbàká. Ilé ńláńlá tó jọra wọn ló bá níbẹ̀, ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn gùn, nọ́ńbà sì ti bọ́ kúrò lára ọ̀pọ̀ ilẹ̀kùn. Hameedat, akọ̀wé rẹ́jísìrì tó ń wọkọ̀ wá láti Ìgbàrà-Òkè lójoojúmọ́, rí i tó ń yí po nítòsí géètì.

"Àbúrò, IT ni ẹ́, àbí? Ibo lò ń lọ?"

"Ẹ̀ka awọnlẹ̀, mà."

"Wá, jẹ́ kí n mú ẹ dé rẹ́jísìrì. Ibẹ̀ lo máa kọ́kọ́ fi lẹ́tà ẹ sílẹ̀ sí. Wọ́n á tẹ òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ ẹ, ọ̀gá á wá kọ ibi tí o máa lọ sí i lára."

"Ẹ má ṣèyọnu, mà. Mo mọ̀ ọ́n."

Hameedat wo ojú rẹ̀, ó wo táì rẹ̀, ó ní kò burú. Àwọn àgbà kúkú ti sọ ọ́: àlejò lójú, kò fi ríran.

Bọ́látitó gun àtẹ̀gùn, ó sọ̀ kalẹ̀, ó ṣílẹ̀kùn yàrá tí wọ́n ń kó ìgbálẹ̀ sí, ó rọra tì í padà bí ẹni tó wá yẹ̀ ẹ́ wò. Níkẹyìn ó bọ́ sí ọ́fíìsì obìnrin kan tó ń jẹ́ Ìyáàfin Oríọlá.

"Ìwọ ni IT tí wọ́n ní àwọn ń rán sí wa?"

"Èmi ni, mà."

"Ṣé o ti fi lẹ́tà ẹ sílẹ̀ ní rẹ́jísìrì?"

"Mo ti fi sílẹ̀, mà." Lẹ́tà náà wà nínú báàgì rẹ̀.

Ó ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà, a ò lè purọ́ mọ́ ọn. Ó ṣe ẹ̀dà ìwé, ó to àga, ó tẹ orúkọ àgbẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, ó lọ ra búrẹ́dì. Nígbà tó rí àwòrán igi kòkó lára ògiri, ó dá ara rẹ̀ lóhùn pé àwọn awọnlẹ̀ á ṣáà máa wọn oko kòkó.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n ṣíwọ́, ó gbé fọ́ọ̀mù iléèwé jáde kí Ìyáàfin Oríọlá fọwọ́ sí i pé òun ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

"Ilẹ̀ wíwọ̀n kẹ̀? Iṣẹ́ ọ̀gbìn là ń ṣe níbí, ọmọ mi! Ẹ̀dà lẹ́tà tí wọ́n tẹ òǹtẹ̀ sí dà?"

Àbámọ̀ ní ń gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Bọ́látitó sáré jáde, ó ń béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó bá pàdé, kò sì pẹ́ tó fi dé rẹ́jísìrì. Hameedat ló bá níbẹ̀, ó gbé báàgì lé ẹsẹ̀. Ọkọ̀ òṣìṣẹ́ tó ń lọ Ìgbàrà-Òkè ti lọ.

"Wọ́n fẹ́ fagi lé orúkọ ẹ pátápátá," ló wí. "Mo ní mo fojú mi rí ẹ ní géètì, pé o sọnù ni. Wọ́n ní bí mo bá lè dúró dè ẹ́, kí n dúró."

Ojú ti Bọ́látitó, ó yọ lẹ́tà náà nínú báàgì rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Reuben, ọ̀gá tó ń pín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sẹ́nu iṣẹ́, gba lẹ́tà náà, ó tẹ òǹtẹ̀ sí i.

"Ọpẹ́lọpẹ́ obìnrin yìí lára ẹ. Àmọ́ a ti fi ẹlòmíì sí ẹ̀ka awọnlẹ̀, wọ́n ti jọ lọ sóko iṣẹ́ láti àárọ̀. Rẹ́jísìrì níbí ló kù. Oṣù mẹ́fà lo máa fi to fáìlì."

Bí ó ṣe ń jáde, màmá rẹ̀ pè láti Oǹdó.

"Ṣé wọ́n ti gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọnlẹ̀ fún ẹ?"

"Fáìlì ni wọ́n gbé fún mi, Màmá." Omi ti gba ojú rẹ̀.

"Kí ló dé? Ta ló gba iṣẹ́ ẹ lọ́wọ́ ẹ?"

"Ẹnu mi ni, Màmá."

Ẹ̀yin ọmọ wa tó ń lọ síbi tí ẹ ò dé rí, ẹ gbọ́: abèèrè kì í ṣìnà. "Mi ò mọ̀" kì í dójú ti ọmọlúàbí, irọ́ "mo mọ̀ ọ́n" ló ń dójú tini. Bí ẹnìkan bá sì ní kí òun mú yín dé ibi tí ẹ ń lọ, ẹ bá a lọ, torí kì í ṣe gbogbo ìgbà lẹ máa rí ẹni tó máa jẹ́ kí ọkọ̀ fi òun sílẹ̀ nítorí yín.