Ojú Tó Wà Lára Káàdì

Tẹniọlá rí pọ́ọ̀sì náà lẹ́bàá gọ́tà, níwájú ṣọ́ọ̀bù Àǹtí Àdùkẹ́, àbúrò ìyá rẹ̀, ní Ìlódè. Kò sẹ́ni tó ń wò ó. Ó mú un.

"Jù ú nù!" Àǹtí Àdùkẹ́ pariwo láti ẹ̀yìn páálí ọṣẹ. "Bó bá sọ ẹ́ di iṣu ńkọ́?"

"Ẹ gún mi, kẹ́ ẹ fi ẹ̀fọ́ jẹ mí."

Owó inú rẹ̀ tó tún ojú fóònù Tẹniọlá tó ti fọ́ ṣe. Ó wo owó náà. Ó wo fóònù. Ó tún wo owó. Lẹ́yìn náà ló fa káàdì ibi iṣẹ́ kan yọ: Láoyè Solomon, onírùngbọ̀n, etí rẹ̀ méjèèjì fẹ̀ bí ewé kókò. Nọ́ńbà rẹ̀ wà lẹ́yìn káàdì.

Ó pè é. "Ẹ kú ọ̀sán, sà. Ṣé nǹkan yín kan sọ nù?" Kò sọ ohun tó jẹ́.

"Pọ́ọ̀sì mi! Búráùn ni. Fọ́tò màmá mi wà nínú ẹ̀."

Fọ́tò náà wà níbẹ̀ lóòótọ́. Tẹniọlá júwe ṣọ́ọ̀bù fún un.

"Mo ń bọ̀ láti Òkè-Ogbó," ni ó wí.

Kò pẹ́ rárá tí ọkùnrin onírùngbọ̀n kan fi ń kọjá lọ, tó ń jẹ gúgúrú. Etí náà nìyẹn.

Tẹniọlá fi pọ́ọ̀sì pamọ́ sẹ́yìn. "Bọ̀ọ̀dá Solomon! Ẹ ti ń kọjá o! Ibí ni nǹkan yín wà!"

Ọkùnrin náà dúró. Ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ṣé mo ti ń kọjá? Ó dáa, gbé e wá."

"Pọ́ọ̀sì yín, àwọ̀ wo ni, sà?"

"Dúdú."

"Ẹ pè é ní búráùn lórí fóònù."

"Ebi ló ń pa mí nígbà yẹn."

"Tẹniọlá!" Àǹtí Àdùkẹ́ ti jáde. "Ojú ẹ̀ ló wà lára káàdì! Ṣé o fẹ́ kí wọ́n máa pè wá lólè ládùúgbò yìí ni?"

"Ẹ bá mi bi í, mà," ni ọkùnrin náà wí. "Àbí kí n yọ etí mi kó wọ̀n ọ́n ni?"

Àwọn ará ilé kejì bú sẹ́rìn-ín. Tẹniọlá kò jọ̀wọ́ pọ́ọ̀sì. Ó tún tẹ nọ́ńbà ẹ̀yìn káàdì.

Ọkùnrin náà yọ fóònù tirẹ̀, ó gbé e sókè kí gbogbo wọn lè rí i. Kò dún. Gúgúrú nìkan ló ń dún lẹ́nu rẹ̀.

"Hẹ́lòó," ẹnì kan dáhùn létí Tẹniọlá. "Mo ti ń wo ṣọ́ọ̀bù yín lọ́ọ̀ọ́kán."

Ọ̀kadà kan dúró, ọkùnrin onírùngbọ̀n kan, elétí fífẹ̀, sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó wo ẹni tó ń jẹ gúgúrú láti òkè dé ilẹ̀, ó ní, "Táíwò, ta ló ní kó o máa gbé ojú mi kiri?"