Sabina Fi Ẹnu Pa Àbúrò Rẹ̀

Ẹ má tíì fi ìtàn yìí ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni o. Ẹ kọ́kọ́ kà á tán.

1. Ní etí ọ̀sà Bàrígà, ọkọ̀ ojú omi ni àwọn ọmọ kan ń wọ̀ lọ sílé ìwé, láìsí jákẹ́ẹ̀tì tí í mú èèyàn léfòó. Ẹgbẹ́ kan fẹ́ ra jákẹ́ẹ̀tì fún wọn kí òjò tó dé. Sabina, ọmọ Ìlàjẹ, yọ̀ǹda ara rẹ̀ láti máa bá wọn wá owó. Bámilóyè, olórí ẹgbẹ́, kọ́ ọ bó ṣe máa fi ara rẹ̀ han àwọn olùrànlọ́wọ́: kó dárúkọ, kó sọ ibi tó ti wá, kó ní iṣẹ́ ọ̀fẹ́ lòun ń ṣe, kó sọ ohun tí ojú òun rí tí ọ̀rọ̀ náà fi ká òun lára, kó wá sọ iye tí jákẹ́ẹ̀tì kan jẹ́ àti ọmọ tó máa wọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà, kó dákẹ́, kí wọ́n rò ó.

Sabina kúkú ní ohun tó lè sọ. Raphael àbúrò rẹ̀ já sómi nígbà èwe, àwọn apẹja ló fà á yọ. Títí dòní, kì í sún mọ́ omi.

2. Níbi ìpàdé àwọn onílé ní àdúgbò Pedro, Sabina rí i pé àwọn kan ń yán, àwọn kan ń tẹ fóònù. Ó rò pé ta ló máa tọwọ́ bàpò nítorí ẹni tí kò kú? Ó dìde.

"Orúkọ mi ni Sabina Ikúmápàyí. Ẹnikẹ́ni ò sanwó fún mi. Raphael, àbúrò mi kan ṣoṣo, omi ló gbé e lọ. Mi ò fẹ́ kí ìyá mìíràn sunkún bíi tìyá mi."

Alhaja Fàsílátù, alága wọn, nu ojú. Wọ́n ní àwọn máa ra gbogbo jákẹ́ẹ̀tì náà.

3. Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé Yorùbá máa ń gbọ́ ọ̀fọ̀ kó jókòó sílé? Lọ́jọ́ Sátidé ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà, Alhaja kó èèyàn mẹ́ta lẹ́yìn, wọ́n lọ kí ìyá Sabina. Wọ́n bá a nídìí ẹja tó ń yan. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé bẹ́ǹṣì fún wọn. Alhaja ní ẹ kú ará fẹ́ra kù o, Ọlọ́run á tu yín nínú lórí Raphael.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní, "Èmi ni Raphael, mà."

Ìyá rẹ̀ dì mọ́ ọn. Sabina yọ láti inú ilé, ó rí àwọn àlejò, Alhaja sì nawọ́ sí i pé òun ló sọ fún àwọn pé omi gbé Raphael lọ.

Ìyá rẹ̀ ní, "Ikú wá sílé mi lẹ́ẹ̀kan, Ọlọ́run lé e lọ. Ìwọ lo tún lọ pè é."

Alhaja rọra dìde. "Ká ní o sọ pé kò kú ni, à bá ṣì fún ọ lówó. Báwo la ṣe fẹ́ gba ìyókù ọ̀rọ̀ rẹ gbọ́ báyìí?"

4. Wọn ò mú owó wá mọ́. Ọ̀rọ̀ náà tàn dé Fádèyí, ibi tí Bámilóyè bá lọ, ìbéèrè ni wọ́n fi ń lé e. Ó ní kí Sabina má sọ̀rọ̀ lórúkọ ẹgbẹ́ mọ́. Òjò dé. Àwọn ìyá kan dá ọmọ wọn dúró sílé. Àwọn ọmọ tó kù ń wọ ọkọ̀ lọ, wọ́n ń fi ọwọ́ lásán di etí ọkọ̀ mú.

Ìwọ tó ń tọrọ nítorí ẹlòmíràn, sọ tìẹ bó ṣe rí, bó ti wù kó kéré tó. Má fi ikú ẹni tó wà láàyè ṣe ìpolówó. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń bá a. Ti Sabina ò tiẹ̀ pé ọ̀sẹ̀ kan.