Súfèé Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀

A ti búra pé ìtàn yìí kò ní gùn. Bó bá gùn ju ọ̀nà Ìdèrè sí Ìgbó-Ọrà lọ, kí olúwarẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ níbi tó bá wù ú.

Ní ọdún 1967, Awóníyì ọmọ Àkànó fẹ́ fi Abọ́sẹ̀dé ṣaya. Abọ́sẹ̀dé fẹ́ ẹ. Fọlábí, bàbá Abọ́sẹ̀dé, ni kò fẹ́. Ọkùnrin mẹ́ta ti wá ṣáájú, ó sì dá àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà láìsọ ìdí.

Wọn kì í bá Fọlábí jiyàn. Òun ni asúfèé àwọn ọdẹ Ìdèrè, ẹni tó ń fi súfèé bá wọn sọ̀rọ̀ láti oko dé oko. Láti oko rẹ̀ lórí àpáta, súfèé rẹ̀ a máa kọjá odò dé oko mẹ́jọ. Ẹran tí ọdẹ bá pa lágbègbè náà, itan kan tirẹ̀ ni, ó sì fẹ́ràn itan. Kì í gbà kí wọ́n wo òun bó bá ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀yìn abà ló máa ń lọ. Abọ́sẹ̀dé nìkan ló ń gbé omi tẹ̀lé e, nítorí iṣẹ́ náà a máa gbẹ èèyàn lọ́fun. Obìnrin kì í súfèé nílẹ̀ náà, nítorí náà kò sí ẹni tó kà á sí olùwòran.

Awóníyì sọ fún Abọ́sẹ̀dé lọ́jà pé òun ń bọ̀ wá bá bàbá rẹ̀ nílé.

"Má wá," ni Abọ́sẹ̀dé wí. "Fi súfèé bi í láti òdìkejì odò, kí gbogbo oko gbọ́."

"Bó bá wá kọ̀ ńkọ́? Kí gbogbo oko gbọ́ ìyẹn náà?"

"Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni kó o bi í. Á ti jẹun yó."

Lọ́jọ́bọ̀, Awóníyì dúró kí afẹ́fẹ́ rọlẹ̀, ó ki ìka méjì bọ ẹnu. Súfèé kò ní ahọ́n. Ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ nìkan ló ń gbé lọ, àti bí ọ̀kan ṣe ń yọ̀ wọnú èkejì. Bó bá pe "Awóníyì" lásán, gbogbo Adéníyì ló máa dáhùn. Nítorí náà ó fi "ọmọ Àkànó tó ń gbin ẹ̀gúsí lókè odò" sí i, ó pe gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, kó tó wá sọ pé òun ń tọrọ Abọ́sẹ̀dé lọ́wọ́ Fọlábí bàbá rẹ̀.

Ó dákẹ́, ó jókòó. Ó mọ̀ pé èsì á pẹ́. Bí èèyàn bá fi súfèé sọ "rárá", ohùn òkè méjì ni; ẹlòmíràn á gbọ́ ọ bíi "dúró", ẹlòmíràn á gbọ́ ọ bíi "wálé". Ìdí nìyẹn tí kíkọ̀ fi máa ń gùn níbẹ̀, tí gbígbà náà sì máa ń gùn.

Èsì dé. Oríkì ìdílé Fọlábí ló kọ́kọ́ wọlé, pẹ̀lú ìró ìparí tó ń rọra yọ̀ wálẹ̀, èyí tí gbogbo oko fi ń mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn náà ló ní: "Mo gbọ́ ohun tí Awóníyì ọmọ Àkànó wí. Mo fún un ní Abọ́sẹ̀dé ọmọ mi. Kí wọ́n wá sílé mi lọ́jọ́ Àìkú." Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹnìkan tilẹ̀ fi súfèé kí i kú oríire láti oko kẹta.

Lọ́jọ́ Àìkú, Awóníyì tẹ̀lé bàbá rẹ̀ àti Babáfẹ́mi, olórí ọdẹ, lọ sílé Fọlábí. Wọ́n gbé iṣu, wọ́n gbé ẹmu. Wọ́n bá a lẹ́nu ọ̀nà, orín lẹ́nu rẹ̀.

"Ta ló ní kí ẹ wá?" ni Fọlábí bi wọ́n, kò yọ orín.

"Ẹ̀yin ni, Bàbá Abọ́sẹ̀dé," ni Babáfẹ́mi wí. "Lọ́jọ́bọ̀."

"Mo sùn nínú abà lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀."

"Ẹ wá ń súfèé lójú oorun nìyẹn. Iṣẹ́ yín ti wọ̀ yín lára."

"Kì í ṣe èmi."

"Pẹ̀lú oríkì yín? Ó dáa, kò le. Ẹ súfèé náà níbi báyìí, kí á gbọ́ ìyàtọ̀. Bí ẹlòmíràn bá wà tó lè ṣe bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí á mọ ẹni tí itan tọ́ sí."

Abọ́sẹ̀dé wà lórí ìkúnlẹ̀, ó gbé omi fún àwọn àlejò. Fọlábí wò ó. Abọ́sẹ̀dé ń wo omi. 

"Mo ti rántí," ni Fọlábí wí. "Èmi ni."

Gbogbo wọn kí i. Wọ́n fi àgbàdo sísun lọ̀ ọ́, ó ní òun ti yó. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn náà, Awóníyì gbé ìyàwó.

Ẹ jọ̀wọ́, kí èyí má dé etí ọdẹ kankan ní Ìdèrè o, nítorí itan ẹran wà lórí ọ̀rọ̀ náà: láti ọdún 1965 tí eyín iwájú mẹ́rin ti bọ́ lẹ́nu Fọlábí, kò tíì súfèé ẹyọ kan, Abọ́sẹ̀dé ló ń bá a ṣe gbogbo rẹ̀ lẹ́yìn abà, títí kan ti ọ̀sán Ọjọ́bọ̀.