Àárín Oòrùn Méjì

Ọ̀la ni ìgbéyàwó aránṣọ.

Awòràwọ̀ ń wá àárín ibi tí oòrùn wà nígbà tí wọ́n bí aránṣọ àti ibi tó wà nígbà tí wọ́n bí àfẹ́sọ́nà rẹ̀, òṣùpá wọn náà bẹ́ẹ̀. Àwọn àárín yìí ló fi ń ya àwòrán kẹta, èyí tó jẹ́ ti ìfẹ́ wọn fúnra rẹ̀.

Pẹ́ńsù awòràwọ̀ dúró. “Àárín kò kúrò lójú kan, ọmọ mi.”

“Ọjọ́ kan náà ni wọ́n bí wa, mà. Kéèkì kan là ń gé.”

“Òṣùpá yín ńkọ́? Òun náà kò kúrò. Apá ojú ọ̀run tó ń yọ ní ìlà-oòrùn nígbà tí wọ́n bí yín ló fi ìwọ̀n dígírì kan péré yàtọ̀. Bí ìṣẹ́jú mẹ́rin ló wà láàárín ìbí yín. Ta ló sọ àkókò ìbí rẹ̀ fún àfẹ́sọ́nà rẹ?”

“Ìwé tí wọ́n bá lára rẹ̀ níbi tí wọ́n gbé e jù sí lọ́mọ ọwọ́.”

Aránṣọ pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù.

“Màmá, ṣé aago tí ẹ sọ fún mi lẹ bí mi lóòótọ́?”



“Ta ló sọ fún ẹ pé ìbejì ni yín?”