Màá Pè Ẹ́

Aránṣọ náà ti kun àtíkè tán, ó ń ki ẹsẹ̀ bọ bàtà nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, nígbà tí àfẹ́sọ́nà rẹ̀ pè.

"Má bínú. Ọ̀gá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ já iṣẹ́ lé mi lọ́wọ́ ni."

"Lọ́jọ́sí, táyà ló jò. Ọjọ́ wo ló wá rọ̀ ẹ́ lọ́rùn?"

"Màá pè ẹ́."

Aránṣọ pòṣé. Nígbà tí ìyá ọkùnrin yìí wà lọ́sìbítù, àárọ̀ kùtù ló máa ń pè pé òun ò ní lè wá. Fúnra rẹ̀ ló máa ń dá ọjọ́ míì, á sì yọjú. Ní báyìí, ó dìgbà tí òun aránṣọ bá múra tán kí iṣẹ́ tó dé.

Oníbàárà kan wọlé. "Aṣọ mi dà?"

"Ẹ má bínú, mà. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú iná lọ ni."

"Iná ń tàn lórí yín. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀rọ ló bàjẹ́. Ìgbà wo ni kí n padà wá?"

"Màá pè yín."

Obìnrin náà wò ó tìkà-tẹ̀gbin. "Ẹni tọ́wọ́ ẹ̀ dí á dá ọjọ́ míì fúnni. Ẹ̀yin ò fẹ́ rán an. Ẹ kó aṣọ mi fún mi."

Aránṣọ fa ọ̀rá kan yọ lábẹ́ tábìlì. Láti ọjọ́ tó ti gbà á, kò tú u wò rí. Ó nà án sí i, kò lè wojú rẹ̀.

Bí obìnrin náà ṣe jáde, aránṣọ gbé fóònù, ó pe àfẹ́sọ́nà rẹ̀.

"Ṣebí mo ní màá pè ẹ́?" ni ọkùnrin náà wí.

"Mú kọ́kọ́rọ́ ilé mi wá lónìí. Má dá ọjọ́ míì."