Ẹni Tó Jókòó Lórí Gàárì Náà

Ní Qasr Mellul, ẹni tí yóò wọ aṣọ Amir Yaghlan, olórí tó ṣáájú ogun láyé àtijọ́, kó sì gun ẹṣin funfun bíi tirẹ̀ lọ́jọ́ ọdún ìrántí rẹ̀, gbọ́dọ̀ ga, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sì gbọ́dọ̀ dọ́gba. Kò sí ibi tí wọ́n kọ òfin náà sí, ṣùgbọ́n tọmọdé tàgbà ló mọ̀ ọ́n. Nítorí náà, nígbà tí Wannas tó ń rán gàárì, ẹni tí ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ kúrú ju ọ̀tún lọ, wọlé ìpàdé ìgbìmọ̀ ọdún tó ní òun ni yóò gun ẹṣin náà, àwọn àgbààgbà rẹ́rìn-ín títí tíì fi dà sí wọn láṣọ.

"Wannas, ọmọ mi," ni Hajj Laroussi, alága wọn, wí, "ṣé o ti rí sàréè Amir? Ìgbọ̀nwọ́ mẹ́sàn-án gbáko! Bí a bá gbé ìwọ sórí ẹṣin, àwọn ọmọdé á ní ẹṣin nìkan ló ń bọ̀."

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n wí, Hajj. Ẹni tó jókòó lórí gàárì yẹn lọ́jọ́ ogun Wadi Melah kò ga, ó sì ń tiro."

"Ohun tí bàbá ẹ ń sọ náà nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀mọkànlá la lé e jáde kó tó kú."

"Ẹ lé e lóòótọ́. Èmi ò ní jáde."

Ó sì jókòó. Inú bí Hajj. Ó ní òun yóò ránṣẹ́ sí Tunis, kí ẹni tó mọ ìwé àtijọ́ wá dá ẹjọ́ náà. Bí Wannas bá jẹ̀bi, òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ kò ní béèrè mọ́ láéláé. Wannas ní òun gbà.

Lalla Rafika ni wọ́n rán wá, obìnrin kan tí kò ga púpọ̀, tó mú okùn ìwọ̀n dání. Sàréè ni wọ́n kọ́kọ́ fi hàn án.

"Ta ló wà nínú sàréè funfun tí mo rí lójú ọ̀nà?" ló béèrè.

"Sidi Bu Tfil ni," ni Hajj dáhùn. "Ìgbọ̀nwọ́ mẹ́fà ni tiẹ̀."

"Ọmọ ọdún mélòó ló jẹ́ nígbà tó kú?"

Hajj fọwọ́ pa irùngbọ̀n. "Méje."

"Ẹ̀yin èèyàn wa! Gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá tún sàréè kọ́ lẹ ń fi ìgbọ̀nwọ́ kan kún un, nítorí ọ̀wọ̀. A ò lè fi í wọn òkú."

Wọ́n mú ewì akéwì ààfin wá, èyí tó ní igi déètì kò dé èjìká Amir. Lalla Rafika ní akéwì kan náà ló fi ọ̀rọ̀ yẹn yin bàbá Amir, ó tún fi yin ẹṣin kan. Wọ́n mú ìtàn ìlú wá. Ó ṣí ojú ìwé àkọ́kọ́, ó ní àádọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn ogun ni wọ́n kọ ọ́, ní ìlú mìíràn, "mo gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tí mo gbà gbọ́" ló sì wà níbẹ̀. Ayọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lójú Wannas, ó sì na lẹ́tà kan tí àwọn ọ̀tá kọ nígbà ogun náà sí i, èyí tó pe Amir ní atiro.

"Si Wannas, ẹ má yọ̀," ni Lalla Rafika wí. "Nínú lẹ́tà yìí kan náà, wọ́n pe èèyàn mẹ́ta mìíràn ní atiro, wọ́n pe ẹnì kan ní afọ́jú. Èébú lásán ni."

Wannas wá mú ewé kan jáde láti inú ìwé iṣẹ́ baba ńlá rẹ̀, Salih, tí òun náà ń rán gàárì láyé Amir. Ó kà á sókè: "Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹfà oṣù Rajab. Gàárì ẹṣin funfun. Mo gé awọ òsì tó di ibi ìtẹsẹ̀ mú kúrú ju ti ọ̀tún lọ ní ìka mẹ́ta. Mo gé méjèèjì kúrú, nítorí ẹsẹ̀ kò tó o."

Lalla Rafika gbé ewé náà sí ojú fèrèsé, ó rí àmì òṣùpá mẹ́ta tí àwọn tó ń ṣe bébà máa ń tẹ̀ sínú rẹ̀ láyé ìgbà náà. Ó ní ọjọ́ orí bébà nìyẹn sọ, kò sọ pé òótọ́ ni. Ó lọ bá gàárì fúnra rẹ̀, tí wọ́n gbé sí ẹ̀gbẹ́ sàréè Amir. Ó wọn awọ méjèèjì lẹ́ẹ̀mejì. Òsì fi ìka mẹ́ta kúrú. Ìjókòó pàápàá ti tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Wọ́n sanwó fún akéwì kó lè yìn ín," ló wí. "Ọ̀tá fẹ́ bú u. Òpìtàn ò rí i. Ẹni tó kọ èyí kò yin ẹnikẹ́ni, bó bá sì purọ́, gàárì ò ní bá ẹni tó gùn ún mu lójú ogun."

"Àbí Amir tiro?" Ohùn Hajj ti wálẹ̀.

"Ẹni tó jókòó síbí ló tiro, kò sì ga. Ibẹ̀ lèmi lè fọwọ́ sí."

"Ta ló tún fẹ́ jókòó síbẹ̀ bí kì í bá ṣe Amir?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Wannas ń wo ilẹ̀.

"Ìyókù ìwé náà ńkọ́?" ni Lalla Rafika bi í.

"Ó wà nílé. Kò sí ìwọ̀n kankan nínú ìyókù."

Lọ́jọ́ ọdún, Wannas gun ẹṣin funfun náà gba àárín ìlú kọjá láàárín ìbọn àti ariwo ayọ̀ àwọn obìnrin. Wọ́n ń kígbe pé, "Amir! Amir Yaghlan!" Kò dá wọn lóhùn, ó kàn gbé orí sókè títí ọrùn fi ń dùn ún. Hajj Laroussi di okùn ẹṣin mú, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Amir ti padà wá," ló wí.

"Rárá, Hajj," ni Wannas dáhùn. "Amir kò padà wá."

Wọ́n rò pé ìrẹ̀lẹ̀ ló mú un sọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó délé, tòun taṣọ Amir lọ́rùn, ó jókòó ti Mabruka ìyàwó rẹ̀, ìyẹn sì ṣí ìwé Salih, ó ka ewé tó tẹ̀ lé e, bí wọ́n ti ń kà á nínú ilé náà láti ìran dé ìran:

"Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ keje oṣù Rajab: Amir Yaghlan, tó ga, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dọ́gba, sá lọ láàárọ̀ àná kí ọ̀tá tó dé; nítorí náà, kí àwọn ọmọ ogun má bàa tú ká, mo wọ aṣọ rẹ̀ lónìí, mo fi láwàní bo ojú, mo sì gun ẹṣin rẹ̀ ṣíwájú wọn lọ sí Wadi Melah, èmi Salih atiro, tó ń rán gàárì."